Ẹ̀bùn Iléyá, ẹ̀bùn Kérésì: bí a ṣe ń fún aládùúgbò ní ohun tí yóò lè jẹ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa di agbọ̀n ọdún, èyí tí àwọn oníbàárà mi ń pè ní hámpà. Ìbàdàn ni mo wà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ìyá mi, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ti tọ́ wa. Bí Iléyá bá dé, èmi tí mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí ni mo máa ń jókòó ti ẹran bàbá mi, tí mo ń gé e, tí mo ń dì í sínú ọ̀rá. Bí Kérésì bá dé, àbúrò mi ọkùnrin tó ń kírun ló ń bá wa dúńbú adìyẹ. Ìdí ààrò ni mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ohun tí mo ti rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tí ẹ̀sìn yín kò papọ̀ ní oúnjẹ, ẹ fi iṣẹ́ tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un láti ṣe. Bó bá jẹ́ adìyẹ, ẹ gbé e lọ láàyè, kí ó dúńbú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran, ẹ mú un lọ ní tútù, kó wọ inú ìkòkò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrẹsì, ẹ má já àpò rẹ̀. Ohun tí a ti sè parí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí pé ẹni tí a gbé e fún kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sè é. Ẹran Iléyá nìkan ni ìlànà yìí kò yanjú tán, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó

Tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún dé, mo máa ń mú ìwé kékeré kan, màá kọ orúkọ gbogbo àwọn tí mo fẹ́ fún ní nǹkan, láti ojúlé tó fara kan tiwa títí dé ibi iṣẹ́ ọkọ mi. N kì í kọ "Mùsùlùmí" tàbí "Kìrìsìtẹ́nì" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, torí ìyẹn kò sọ ohun tó ń jẹ fún mi. Ohun tí mo ń kọ ni ohun tí ẹni náà kì í jẹ, àti ọjọ́ tó máa wà nílé.

Ẹ wò ó ná. Kìrìsìtẹ́nì ni ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mu ọtí. Àwọn Ìjọ Ọjọ́ Keje náà kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í ṣe Kérésì rárá. Bí ẹ bá gbé agbọ̀n tí ẹ kọ "Ẹ kú ọdún Kérésì" sí lára lọ bá wọn, ẹ ti kó wọn sí ìṣòro, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá wí. Àwọn Dípà Láìfù máa ń lọ sí àgọ́ ìpàdé wọn nínú oṣù Kejìlá, ẹ lè débẹ̀ kí ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì, adìyẹ lọ́wọ́ yín. Láàrin àwọn Mùsùlùmí náà, ẹnì kan á jẹ ìrẹsì Kérésì yín á sì béèrè èyí tó kù nínú ìkòkò. Ẹnì kejì kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tí a bá ti dárúkọ Kérésì mọ́, àmọ́ bí ẹ bá mú nǹkan náà wá lọ́jọ́ kẹta láìdárúkọ ọdún kankan, tọwọ́tẹsẹ̀ ni yóò fi gbà á.

Bí a ṣe ń béèrè ló ṣòro díẹ̀. Ẹ má bi àgbàlagbà pé, "Ṣé ẹ máa ń jẹ ẹran wa?" Á dà bíi pé ẹ fẹ́ dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Ẹ fi ọ̀nà méjì síwájú rẹ̀, kí ó lè mú ọ̀kan láìjẹ́ pé ó kọ nǹkan yín. Ohun tí mo sọ fún ìyá kan tó ń gbé ojúlé kejì sí wa nìyí:

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iléyá ti ń kanlẹ̀kùn. Ṣé ẹran ni kí n mú wá fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀?"

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́tí dáadáa, torí pé aládùúgbò yín kò ní sọ "rárá" lójú yín. Tó bá ní, "Ta ni kì í jẹ ẹran? Ẹ má gbàgbé egungun tèmi o," ó ń jẹ ẹ́. Tó bá ní, "Ẹ mú un wá, àwọn ọmọ á jẹ ẹ́," òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹ ẹ́, ẹ fi nǹkan kékeré tirẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ní, "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi, ọdún á yabo," kò fẹ́ ẹ nìyẹn, ẹ má sì rọ̀ ọ́. Ìyá ojúlé kejì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìrẹsì náà kì í burú lọ́dún." Mo wọlé, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrẹsì.

Ẹran Iléyá, láti orí ìsọ̀ dé ẹnu ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká mú àgbò kan tó wọ̀n tó nǹkan bí 40 kílò láàyè. Ìgbà tí bàbá mi bá ti Yídì dé ni wọ́n tó ń dúńbú rẹ̀, torí èyí tí a bá pa kí wọ́n tó kírun tán, ẹran lásán ni, kì í ṣe ti Iléyá. Nígbà tí wọ́n bá ti bó awọ rẹ̀, tí wọ́n kó inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n gé orí àti ẹsẹ̀ kúrò, ohun tó máa ń kù kì í ju kílò 18 sí 20 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí èyí. Wọ́n á wo bí àgbò ṣe tóbi lórí ìso, wọ́n á ṣèlérí ẹran fún 30 ènìyàn, tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á máa gé e tó bí àtàǹpàkò.

Bí àwọn Mùsùlùmí ṣe sábà ń pín in ni pé wọ́n á dá a sí mẹ́ta: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ìdá kan fún tálákà. Kò pọn dandan kó ṣe régí lórí ìwọ̀n. Nínú àgbò tiwa yìí, ìdá ti aládùúgbò á tó kílò 6, ìyẹn ọ̀rá 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì kílò. Ó pọ̀ tó fún ọbẹ̀ ìdílé kan, kò sì ti ẹni tó gbé e lọ lójú.

Ní ti gígé rẹ̀, ẹ má gé láti apá ibì kan lọ sí èkejì kí ẹ máa dì í bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, itan á parí sí ọ̀rá mẹ́rin àkọ́kọ́, ọrùn àti egungun ìhà á wá kù fún àwọn tó kù. Mo máa ń tẹ́ ọ̀rá méjìlá sílẹ̀ lórí tábìlì ní ṣíṣí. Màá kọ́kọ́ gé itan àti apá nìkan, màá fi ẹyọ kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màá tún yí gbogbo wọn ká pẹ̀lú egungun ìhà. Lẹ́yìn náà ni ti ẹ̀yìn àti ọrùn. Bí àwọn aládùúgbò bá ń ṣí ọ̀rá wọn lójú ara wọn, ohun kan náà ni wọ́n á bá níbẹ̀. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń fi ìfun àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn Kìrìsìtẹ́nì, tí wọ́n fi ẹran gidi pamọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò rí i.

Ohun méjì ni bàbá mi máa ń tẹnu mọ́ níbi ìsọ̀. A kò gbọdọ̀ ta ohunkóhun lára ẹran náà, a kò sì gbọdọ̀ fi awọ tàbí ẹran san owó iṣẹ́ alápatà, torí Ànábì kọ̀ fún Álíì pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ san owó fún alápatà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó tán, bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ẹran bí ẹ ṣe ń fún ẹlòmíràn, kò burú.

Ṣé Mùsùlùmí lè fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lára ẹran Iléyá? Ohun tí àwọn Àáfà adúgbò wa máa ń tọ́ka sí ni ìtàn Abdullahi ọmọ Amr, ọ̀kan lára àwọn sàhábà. Wọ́n pa àgùntàn nílé rẹ̀, bó ṣe dé, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tó jẹ́ Júù nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan, pàápàá láàrin àwọn tó ń tẹ̀lé Ìmáàmù Máálíkì, kò nífẹ̀ẹ́ sí fífún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí nínú ti Iléyá gan-an. Bí Àáfà yín bá wà lára wọn, ẹ ra ẹran ọ̀tọ̀ fún aládùúgbò yín, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹran ìbàjẹ́ ni ìṣòro tó kù. Ara àgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa gbóná. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ fi omi ṣàn án, tí ẹ sì dì í lójú ẹsẹ̀, ooru á há mọ́ inú ọ̀rá, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kó tó délé ẹni tí ẹ fún. Ẹ kọ́ ìdajì àgbò náà sókè fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí omi rẹ̀ ro, kí ooru rẹ̀ sì jáde. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sè é ni yóò fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí ẹ bá ti gé e tán, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí méjì lọ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, tí oòrùn bá sì mú gan-an, wákàtí kan ti tó. Bí inú ọ̀rá bá ń làágùn, tí ẹran ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń rùn kíkan díẹ̀, ẹ má fi tọrẹ mọ́. Ibi tó jìn, tàbí ilé tí kò ní fírísà tí iná kì í sì í wà, ẹran díndín ló dára jù fún wọn: ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà, kí ẹ dín in títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi le. Kò tẹ̀lé ìlànà tí mo kọ́kọ́ sọ, mo mọ̀, àmọ́ ẹran díndín tó dénú dára ju ẹran tútù tó bàjẹ́ lọ.

Ó wá ku Kìrìsìtẹ́nì tí kò ní jẹ ẹ́. Bóyá tútù ni o, bóyá láàyè ni o, kò kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tó ń kọ̀ ni pé ẹran náà jẹ́ ti ìrúbọ. Ìwé Kọ́ríńtì Kìíní orí 10 ni ọ̀pọ̀ wọn dúró lé lórí: ohun gbogbo tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ jẹ ẹ́ láìbéèrè, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé a ti fi rúbọ, ẹ má jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí máa ń sọ fún wọn pé ẹran tí wọ́n ń rà lọ́jà Bódìjà lójoojúmọ́, Mùsùlùmí ló pa á, Bísímílà ni wọ́n sì fi pa á. Òótọ́ ni, àmọ́ kò ṣeé fi mú ẹnikẹ́ni jẹun. Ẹsẹ ìwé náà gan-an ti ya ẹran ọjà sọ́tọ̀ sí ẹran tí a sọ pé ó jẹ́ ti ìrúbọ. Ẹ má bá a jiyàn. Ìrẹsì kílò méjì àti òróró ìgò kan, tàbí adìyẹ láàyè, ti tó. Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ, ẹ má sọ pé, "Torí ẹ kì í jẹ ẹran ni o." Ẹ kàn ní, "Ọdún tiyín nìyí, Màmá."

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá méjìlá tiwa lọ báyìí: márùn-ún sí ilé Mùsùlùmí tí kò rówó ra àgbò, mẹ́rin sí ilé Kìrìsìtẹ́nì tó ń jẹ ẹ́, méjì sí ibi iṣẹ́ ọkọ mi fún ọ̀gá ẹnu géètì àti ìyá tó ń gbálẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀dọ̀ àǹtí mi. Ilé méjì tí kò jẹ ẹ́ gba ìrẹsì ní wákàtí kan náà tí ẹran ń jáde. Ẹ má jẹ́ kí ti wọn di ọjọ́ kejì.

Adìyẹ Kérésì fún Mùsùlùmí

Súrátùl Máídà, ẹsẹ 5, sọ pé oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé tọ́ sí Mùsùlùmí. Nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí máa ń jẹ ohun tí Kìrìsìtẹ́nì sè. Síbẹ̀, àwọn mìíràn fẹ́ mọ̀ pé a dárúkọ Ọlọ́run kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn adìyẹ náà. Adìyẹ láàyè ti dá ẹjọ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ẹ máa rí lọ́jà. Bọ́ílà rọ̀, kì í pẹ́ jinná, kílò méjì sí méjì ààbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Arẹ́yin tó ti dákẹ́ yíyé le, ó ń gba sísè púpọ̀, àmọ́ omi rẹ̀ dùn fún ọbẹ̀ ata, àwọn ìyá àgbà ló sì fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ rà á ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá kí Kérésì tó dé, kí ẹ máa fún un ní oúnjẹ nílé, torí tó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n máa ń ta adìyẹ tó ń ṣàìsàn pàápàá. Ẹ wo ojú rẹ̀, kó mọ́. Ẹ wo imú rẹ̀, kó gbẹ. Ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Bí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀, ẹ dá a padà sínú àgò rẹ̀.

Ẹ má gbé e sínú búùtù ọkọ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí ohun kan. Bí adìyẹ bá kú sínú ooru lọ́nà, òkú ẹran ni. Máídà kan náà, ní ẹsẹ 3, ti fi òkú ẹran dá àwọn Mùsùlùmí lẹ́kun, bóyá ó ṣì gbóná o tàbí kò gbóná. Kìrìsìtẹ́nì lè máa rò pé òun kàn lè yára dúńbú rẹ̀ kó tó le. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ fún Mùsùlùmí láìsọ fún un, ẹ ti fún un ní hàráámù lọ́jọ́ ọdún. Ẹ gbé e sínú páálí tí ẹ ti dá ihò sí, ní ìjókòó ẹ̀yìn, fèrèsé ní ṣíṣí, ẹ má so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra fún ìgbà pípẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ 23 tàbí 24 ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹni náà ní ojúmọmọ láti fi dúńbú rẹ̀, kó sì tu ìyẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní ibi tó máa gbé e sí. Obìnrin tó ń gbé àjà kẹta ilé, tí ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, kò ní fẹ́ adìyẹ láàyè, iṣẹ́ ni ẹ gbé fún un. Fún irú wọn, àbúrò mi ló ń dúńbú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, a ó tu ú, a ó gé e, a ó dì í ní tútù, a ó sì sọ ọ́: "Àbúrò mi ló dúńbú rẹ̀, Àlàájà." Gbólóhùn yẹn ni ẹ̀bùn gan-an.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìrẹsì tí ẹ ti sè lọ, ẹ fi ìkòkò àti ọ̀bẹ tí ẹlẹ́dẹ̀ kò kàn rí sè é, kí ẹni tó sè é sì gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má rán ọmọdé. Bí wọ́n bá bi ọmọdé pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" á ní òun ò mọ̀, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kí abọ́ náà dúró sórí tábìlì títí di alẹ́. Ẹ wo àkókò náà pẹ̀lú. Ọjọ́ Ẹtì ni Kérésì 2026 máa bọ́ sí, ẹ má gbé oúnjẹ lọ láàrin aago méjìlá ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀, Jímọ̀ ni wọ́n wà. Ọdún Mùsùlùmí ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún lórí kàlẹ́ńdà, nítorí náà Kérésì 1998, 1999 àti 2000 bọ́ sínú Ààwẹ̀ Rámádáànì. Mo rántí pé ìyá mi máa ń sé ìrẹsì mọ́ inú kúlà títí wọ́n á fi pe ìrun Màngàríbà, kó tó gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ó máa tún rí bẹ́ẹ̀ ní Kérésì 2031. Àwọn tó bá ń gbé abọ́ lọ lọ́sàn-án nígbà náà á rí i.

Kéèkì, àti ohun tó wà nínú agbọ̀n ọ́fíìsì

Mo ti ṣe àṣìṣe kan rí tí mi ò lè gbàgbé. Mo ra kéèkì dúdú aléso lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ṣe é, mo sì fi ọ̀kan sínú agbọ̀n Àlàájà kan ní òdìkejì títì wa. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé agbọ̀n náà dé, kéèkì ṣì wà nínú bébà rẹ̀, wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ó ní, "Màmá ní kí n sọ pé ó ń rùn bí ọtí." Mo gbé e sí imú. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí mo pe ẹni tó ṣe é, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun fi rẹ àwọn èso náà sínú bùráńdì, àti pé ooru ààrò ti gbé ọtí náà lọ. Ààrò kì í gbé e lọ tán, bó tilẹ̀ gbé e lọ tán, ọ̀rọ̀ Àlàájà kì í ṣe ti ìwọ̀n. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo pò ó ni? Dìde ńlẹ̀, ọmọ yìí."

Láti ìgbà náà, ohun méjì ni mo ń béèrè lọ́wọ́ alákéèkì: kí lẹ fi rẹ èso, kí lẹ fi sí i fún òórùn? Kéèkì bọ́tà lásán, tí kò ní èso dúdú nínú, ni mo ń rà fún agbọ̀n tí n kò mọ ẹni tó máa gbà á.

Ní ti agbọ̀n ọ́fíìsì, irú kan náà ni mo máa ń dì fún gbogbo ènìyàn, ní Iléyá àti ní Kérésì. Oníbàárà lè ní kí n fi wáìnì sí ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, kí n yọ ọ́ nínú ti àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n á pín in ní kíákíá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń parí, agbọ̀n á sì pààrọ̀ ọwọ́, torí ẹni tó ń pín in kò mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Ohun tó ń wà nínú tèmi ni ìrẹsì kílò márùn-ún, òróró lítà kan, tòmátò alágolo, sùpàgẹ́tì, mílíìkì, ṣúgà, tíì, bísíkíìtì, dàbínù ìwọ̀nba àti mọ́ọ̀tì mẹ́rin. N kì í fi ìgò tí wọ́n ṣe bí ìgò ṣáńpéènì sí i, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ pé kò ní ọtí. Àwọn kan lára wọn ṣì lè ní ọtí tó 0.5% nínú, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 0.0% sí lára bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ Àlàájì kò ní fẹ́ kí ọmọ òun rí irú ìgò bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì òun.

Ẹ ka ara páálí àwọn súìtì tó rọ̀ tí ń fà bí rọ́bà. Jẹ́látíìnì ló ń jẹ́ kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀, nígbà míì nọ́ńbà E441 ni wọ́n á kọ. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ara màlúù ni wọ́n ti ń rí i, wọn kì í sì í sábà sọ èyí tó jẹ́. Bí kò bá sí àmì hàláàlì lára rẹ̀, ẹ fi bísíkíìtì rọ́pò. Ẹran alágolo tí a lọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi agbọ̀n ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan tí kò kan ẹ̀sìn. Òfin ìṣesí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 gbà kí wọ́n gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ níwọ̀n tí àṣà bá gbà. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ ìjọba ló gbé e wá, wọ́n á kà á sí ìrúfin àfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ní kọ́ńtíráàtì lọ́dọ̀ wọn, ẹ fi agbọ̀n náà sílẹ̀.

Lórí káàdì, "Ẹ kú ọdún, ọdún á yabo" tó fún ẹnikẹ́ni. N kì í lo bébà tí wọ́n ya àgbélébùú sí fún Mùsùlùmí, n kì í sì í lo ọ̀rá tí wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sí lára ní èdè Lárúbáwá fún ẹnikẹ́ni, torí ilẹ̀ ààtàn ni ọ̀rá máa ń lọ níkẹyìn, Mùsùlùmí kò sì ní fẹ́ rí i níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ọdún, mo máa ń ṣí ìwé kékeré yẹn padà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ wá pẹ̀lú àkàrà nínú rẹ̀, màá fi àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní iwájú orúkọ Àlàájà òdìkejì títì, ohun tó wà níbẹ̀ láti ọdún yẹn ni: adìyẹ, arẹ́yin, láàyè, ọjọ́ 23, kó tó di aago mẹ́wàá.